Àmì Kan, Iṣẹ́ Kan: Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Lè Tún Ìbuwọ́lù Ìsàlẹ̀ Ímeèlì Tò

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin akọ̀wé ọ́fíìsì, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọ̀gá ṣètò ìwé, àti ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ yín. Ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, ìyẹn àwọn ìlà tó máa ń wà nísàlẹ̀ ímeèlì, tí orúkọ, ipò, ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù máa ń wà nínú wọn. Sígínéṣọ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ọ́fíìsì ń pè é. Ìbuwọ́lù ni a ó máa pè é níbí.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó mú, a ó sì dì í mú títí a ó fi parí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan wà ní Yábàá, lójú títì Herbert Macaulay, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Àwa la fi ọwọ́ ara wa dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, òdo tí ẹ ó sì rí nínú nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀ kó má baà jẹ́ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó rí yóò mọ irú ìbuwọ́lù yìí dáadáa. Ti òṣìṣẹ́ tí a pè ní Lágbájá rèé:

```
Engr. Lagbaja Lamorin, mnse.
Ass. Mgr (Ops.)/Ag HOD, Clearing
Tel:- 08030000000/08050000000,
+234(0)803-000-0000
No. 00, Herbert Macaulay Str. Yaba Lagos.
```

Téèyàn bá sáré wò ó, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Orúkọ wà, ipò wà, nọ́ńbà wà. Ṣùgbọ́n ẹ tọpa àmì ìdánudúró nìkan, kí ẹ wo iye iṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́yìn `Ass` ó ń sọ pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ kúrú. Lẹ́yìn `mnse` ó ń sọ pé ìlà ti parí. Lẹ́yìn `Str` kò yé wa bóyá ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé ló ń fi hàn tàbí àlàfo tó wà láàárín òpópónà àti àdúgbò. Ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: nínú ìlà ipò, ohun tó ń sọ ni pé ipò méjì ni ẹni yìí dì mú pọ̀, nínú ìlà fóònù, ohun tó ń sọ ni pé ẹ pe èyí tàbí ẹ pe ìyẹn. Ẹni tó ń ka ìwé náà ló wá ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ fún ẹni tó kọ ọ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń lo òfin kan ṣoṣo: àmì kan, iṣẹ́ kan. Kọ́mà ló ń ya apá kan ìlà sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Kọ́lọ̀nù, ìyẹn tótó méjì tó dúró lórí ara wọn, ló ń tẹ̀ lé àkọlé bíi `Tel`, àlàfo kan sì tẹ̀ lé e. Àkámọ́ wà fún nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti fún `(Mrs)` tí àwọn kan máa ń fi sẹ́yìn orúkọ. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ wà ní òpin ìlà, torí ìlà ìbuwọ́lù kì í ṣe gbólóhùn. `Tel:-` tí ẹ rí yẹn, pẹ̀lú dáàṣì tó so mọ́ kọ́lọ̀nù, àṣà àwọn akọ̀wé ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olóhùn gbọnrangandan ni. Kò fi ohun kan kún ìtumọ̀, ẹ yọ ọ́.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ ni ìkékúrú. Òfin tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé ìwé, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ní bí lẹ́tà tó kẹ́yìn ìkékúrú bá jẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn odindi ọ̀rọ̀ náà gan-an, a kì í fi àmì ìdánudúró sí i: `Dr`, `Mr`, `Ltd`, `Rd`, `Asst`, `Engr`. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìrù ọ̀rọ̀ ni wọ́n gé sọnù, a máa fi í sí i: `Prof.`, `Arc.`, `Surv.`, `Alh.`. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀, àmì ni wọ́n ń fi sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó kọ́ ti ìhín àti ẹni tó kọ́ ti ọ̀hún bá jókòó sí ọ́fíìsì kan náà, `Engr` àti `Engr.` yóò jọ jáde lọ bá oníbàárà kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ tí kò mú ọ̀kan ló jẹ̀bi.

Èrò tèmi ni pé kí ilé-iṣẹ́ tó ní ju òṣìṣẹ́ mẹ́wàá lọ yọ àmì náà kúrò lára gbogbo ìkékúrú pátápátá. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì dára, àmọ́ ó fẹ́ kí olúkúlùkù máa rántí bí odindi ọ̀rọ̀ ṣe parí kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń sáré kò sì ní ráyè ìyẹn. `Arc` láìsí àmì kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìkékúrú kan ṣoṣo ni ìpinnu yìí pa lára, òun náà ni `No.` tí a ń fi síwájú nọ́ńbà ilé, nítorí bí àmì bá kúrò lára rẹ̀, `No` tó túmọ̀ sí rárá ló kù. Ìyẹn kò sì nira: ẹ yọ òun fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà àdírẹ́sì ti fi ara rẹ̀ hàn pé nọ́ńbà ilé lòun.

Ẹ wá wo `Ass.` tó wà nínú ìbuwọ́lù Lágbájá. Òun ni àṣìṣe tó ń dójú ti èèyàn jù lọ, bẹ́ẹ̀ ó kún ìgboro. Ìkékúrú tó tọ́ fún `Assistant` ni `Asst`. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni èyí tó kù lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún lè jẹ́ èébú ìdí. Àwọn ìkékúrú kan sì wà tí kò sí àṣìṣe lára wọn, tó jẹ́ pé ìtumọ̀ méjì tí wọ́n ní ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní báǹkì, `AGM` ni igbákejì máníjà àgbà. Fún ẹni tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, ìpàdé ọdọọdún ni. `CSO` lè jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ aráàlú tí kì í ṣe ti ìjọba. `AM` àti `PM` lè jẹ́ ipò, wọ́n sì lè jẹ́ àárọ̀ àti ọ̀sán. Gbogbo irú wọ̀nyí, ẹ kọ wọ́n tán lódindi. `MD/CEO` nìkan ni mo máa ń yọ̀ǹda fún, pẹ̀lú ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Etí àwọn ará Nàìjíríà ti gbà á bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì ní kí ọ̀gá yọ ọ́ yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jà láìrí nǹkan mú bọ̀.

Ní ti orúkọ oyè iṣẹ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀kan lè ṣojú èkejì láìjẹ́ pé ẹ wádìí. `Engr` tó wà níwájú orúkọ ń sọ pé COREN ti forúkọ ẹni náà sílẹ̀. `MNSE` tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Nàìjíríà. Ohun méjì ni, wọ́n lè jọ wà níbẹ̀. `Dr` níwájú àti `PhD` lẹ́yìn ní tiwọn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú ọ̀kan. Lẹ́tà ńlá sì ni a fi ń kọ àwọn ti ẹ̀yìn orúkọ: `MNSE`, `FCA`, `ACIPM`, kọ́mà kan sì ni yóò yà wọ́n kúrò lára orúkọ.

`(Mrs)` ẹ̀yìn orúkọ, àwọn tó ń ṣe ìlànà fún ilé-iṣẹ́ máa ń fẹ́ pa á rẹ́. Ẹ má tíì yára. Bí `Adeola` tàbí `Temitope` bá fọwọ́ sí ìwé, ẹni tó wà lókè òkun, àní ẹni tó wà ní Surùlérè pàápàá, kò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, orúkọ wa kì í sábà yà wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ bí wọn yóò ṣe kí òun, kó fi í sí i. Ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu ni ibi tí yóò wà: kí gbogbo wọn wà níwájú láìsí àkámọ́, tàbí kí gbogbo wọn wà lẹ́yìn nínú àkámọ́.

Ọ̀rọ̀ ipò ló kàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí ìwé ìgbéga ni kí ẹ ti mú un, ẹ má ṣe mú un láti ẹnu òṣìṣẹ́. Nínú ipò kọ̀ọ̀kan, ohun méjì ló wà: ìpele àti ẹ̀ka iṣẹ́. `Assistant Manager` ni ìpele Lágbájá, `Clearing` ni ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ wo bí ètò ọ̀rọ̀ ṣe lè yí ìtumọ̀ padà. `Assistant Manager, Clearing` jẹ́ ẹni tó wà ní ìpele igbákejì máníjà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìgbẹ́rù-jáde. `Assistant Clearing Manager` dà bíi pé máníjà ìgbẹ́rù-jáde kan wà tí òun ń ràn lọ́wọ́. `Assistant to the Manager` wá jìnnà pátápátá, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kò sí ní ìpele máníjà rárá. Oníbàárà tó bá fẹ́ mọ ẹni tó lè fọwọ́ sí owó kan, inú ọ̀rọ̀ yìí ló ti ń wò ó.

Àṣà tí mo fara mọ́ ni ìpele ṣáájú, kọ́mà kan, ẹ̀ka tẹ̀ lé e. Ó bá bí àwa níbí ṣe ń kọ `Head, Legal` àti `Manager, Accounts` mu. Ẹni tó bá fẹ́ `Head of Legal` kò ṣẹ̀, àmọ́ bí ó bá ti mú un, kí gbogbo olórí ẹ̀ka jẹ́ `Head of`. Kọ́mà ọ̀hún kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ìlà ipò. Ẹ wo `Manager, Import, Export, Apapa`: ẹ̀ka méjì ni, àbí ẹ̀ka kan tó wà ní Àpápá? `Manager, Import and Export` ti yanjú rẹ̀. Àpápá yóò lọ sí ìlà àdírẹ́sì.

Lágbájá tún kọ `Ag HOD`, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń di ipò olórí ẹ̀ka mú fún ìgbà díẹ̀. Ìkékúrú yìí mọ́ra ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Alausa, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta Nàìjíríà lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ `Acting Head, Clearing`. Ó ha yẹ kí ipò méjèèjì wà níbẹ̀? Rárá. Ipò tó ń fi ṣe iṣẹ́ tí ìwé náà dá lé ni kó wà níbẹ̀. Bí gbogbo ìwé tó ń fi ránṣẹ́ bá jẹ́ gẹ́gẹ́ bí adelé olórí ẹ̀ka, adelé ni yóò kọ, yóò sì yọ ọ́ lọ́jọ́ tí adelé bá parí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí fóònù. Nọ́ńbà alágbèéká wa ní Nàìjíríà jẹ́ 11 bí a bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òdo yẹn wà fún ìpè inú ilé nìkan. Bí a bá fi kóòdù orílẹ̀-èdè, ìyẹn 234, síwájú, òdo náà gbọ́dọ̀ kúrò, nọ́ńbà yóò sì di 13 lẹ́yìn àmì ìròpọ̀. `+234(0)803` tí gbogbo ayé ń kọ ń gbìyànjú láti bá ará ilé àti ará òde sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá dà á kọ sínú fóònù rẹ̀ pẹ̀lú òdo yóò ní nọ́ńbà 14, ìpè náà kò sì ní wọlé. Ìlànà E.123 ti àjọ ITU, tó sọ bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà fóònù sórí ìwé, kò gba òdo inú àkámọ́ yẹn nínú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìròpọ̀. Àlàfo ni ó sì ní kí a fi pín nọ́ńbà. Torí náà `+234 803 000 0000` ni. Ọ̀nà tí ẹ fi lè yẹ̀ ẹ́ wò kò le: ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì ìròpọ̀. Bí kò bá pé 13 tàbí tó bá lé, àṣìṣe wà níbẹ̀.

Ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ tó so nọ́ńbà méjì pọ̀ ní ìparun tirẹ̀. Fóònù ọlọ́gbọ́n máa ń wá nọ́ńbà inú ìwé kó lè sọ ọ́ di ohun tí a lè tẹ̀ láti pè. Bí méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ó lè kà wọ́n pọ̀ bí ọ̀kan gígùn tàbí kó má dá èyíkéyìí mọ̀. `08030000000/5` tí àwọn kan ń kọ, kí ẹ lè mọ̀ pé nọ́ńbà kejì parí sí 5, kò sí ẹ̀rọ tó máa túmọ̀ ìyẹn. Nọ́ńbà kan, ìlà kan. Bó bá sì jẹ́ ọ̀nà Wọ́sáàpù lẹ ń fi sí i, gbogbo àmì ni yóò kúrò, àmì ìròpọ̀ pàápàá:

```
https://wa.me/2348030000000
```

Àdírẹ́sì kò ní kó gba àkókò wa púpọ̀. Kọ́mà ni kó ya òpópónà, àdúgbò àti ìlú. Orúkọ òpópónà kó sì jẹ́ bó ṣe wà lójú pátákó. Herbert Macaulay ti Yábàá jẹ́ `Way`, kì í ṣe `Street`, èyí tí Lágbájá kọ yóò sì darí awakọ̀ síbòmíràn. Ẹ má sì gé Victoria Island sí `VI` fún ará òkèèrè, yóò kà á sí nọ́ńbà mẹ́fà àwọn ará Róòmù.

Ohun kan wà tí Lágbájá gbàgbé pátápátá: orúkọ ilé-iṣẹ́. Òfin ilé-iṣẹ́, CAMA ti 2020, fẹ́ kí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lórí lẹ́tà òwò. Ímeèlì tí a fi ń ṣe àdéhùn iye owó ẹrù kò yàtọ̀ sí lẹ́tà òwò, nítorí náà ẹ fi méjèèjì sí i. `Ltd` tàbí `PLC`, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí CAC ni kó wà, kì í ṣe bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá ṣe fẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe tò rèé báyìí:

```
Engr Lagbaja Lamorin, MNSE
Acting Head, Clearing
Example Company Ltd (RC 000000)
Tel: +234 803 000 0000
Tel: +234 805 000 0000
00 Herbert Macaulay Way, Yaba, Lagos
```

Kò sí àdírẹ́sì ímeèlì níbẹ̀, kì í ṣe pé a gbàgbé. Ó ti wà lórí ìwé náà níbi tí wọ́n ti ń wo ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sí i, kó má fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dà á kọ lè da àmì náà mọ́ ọn.

Fífi í sórí kọ̀ǹpútà. Nínú Gmail, ẹ lọ sí `See all settings`, ẹ̀ka `General`, ẹ wá `Signature`. Nísàlẹ̀ rẹ̀, `Signature defaults` yóò bi yín èyí tí ẹ fẹ́ fún ìwé tuntun àti èyí tí ẹ fẹ́ fún èsì. Ẹ ṣe méjì: odindi yìí fún ìwé tuntun, orúkọ, ipò àti nọ́ńbà kan ṣoṣo fún èsì. Bí ẹ bá ń dà á kọ láti inú Word, `Ctrl+Shift+V` ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kí ìrísí lẹ́tà tó fara pamọ́ má baà bá a wọlé. Ẹ má sì sọ ìbuwọ́lù di àwòrán. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣí àwòrán títí olùkà yóò fi gbà á láàyè, nọ́ńbà inú rẹ̀ kò sì ṣeé tẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń lo Exchange lè fi òfin kan sórí sáfà, kí sáfà fúnra rẹ̀ máa kọ ìbuwọ́lù látinú ìwé orúkọ òṣìṣẹ́:

```
%%DisplayName%%<br>
%%Title%%<br>
Example Company Ltd (RC 000000)<br>
Tel: %%PhoneNumber%%
```

Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n wàhálà méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní wà nínú ìwé orúkọ: bí nọ́ńbà ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, `Tel:` yóò dá dúró láìsí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ipò bá sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí `Ass. Mgr`, bẹ́ẹ̀ gan-an ni sáfà yóò máa fi ránṣẹ́ fún gbogbo ayé. Nítorí náà, ìwé orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, orúkọ kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ tó tan òfin náà. Èkejì ni pé ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé ni sáfà ń fi í sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ èsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Bí ẹ bá ti fèsì síra nígbà márùn-ún, ìbuwọ́lù márùn-ún lè ti tò jọ nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fi àyàfi kan sí òfin náà, pé bí ọ̀rọ̀ kan pàtó nínú ìbuwọ́lù bá ti wà nínú ìwé, bíi nọ́ńbà RC, kí ó má fi òmíràn kún un.

Ó ku àmì ohùn orúkọ wa. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì, kó kọ gbogbo rẹ̀, kó má fi ti ìsàlẹ̀ sí kó wá fi ti òkè sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé `ẹ` jẹ́ kóòdù kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ `ẹ́` kò ní kóòdù tirẹ̀: `ẹ` ni, pẹ̀lú àmì òkè tó tẹ̀ lé e bíi kóòdù kejì. Bí ìrísí lẹ́tà tí ẹ yàn kò bá mọ bí a ṣe ń tò wọ́n lé ara wọn, àmì náà yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí fóònù Android kan, iPhone kan àti kọ̀ǹpútà kan tí ó ń lo Outlook. Ẹ wo orúkọ lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tẹ nọ́ńbà lórí fóònù méjèèjì kí ẹ wò ó bóyá yóò pè. Lórí iPhone yẹn, bí ẹ bá fèsì látibẹ̀, ẹ lè rí i pé `Sent from my iPhone` ló wà níbi tí ìbuwọ́lù yẹ kó wà: fóònù ní ibi ìbuwọ́lù tirẹ̀, ohun tí ẹ ṣe lórí kọ̀ǹpútà kò kàn án, ẹ óò ní láti tẹ ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀ lọ́tọ̀.